Rikrúútà ń pè mí ní "Olú-wag-bẹ́mí", mo sì ti rẹ́kọ́ọ̀dù orúkọ mi

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàsán o. Olúwagbémilékè lorúkọ mi, Lágere ni mò ń gbé n'Ífẹ̀ níbí. Gbogbo rikrúútà òkè òkun tó bá ti pè mí, "Olú-wag-bẹ́mí" ni wọ́n máa ń pè mí. Mo rẹ́kọ́ọ̀dù orúkọ mi sórí LinkedIn lọ́sẹ̀ tó kọjá, àmọ́ ẹni tó pè mí lánàá ṣì ń ṣì í pè. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Àbúrò, káàsán o. Mo lọ sórí pírófáìlì ẹ, mo tẹ sípíkà kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ẹ, mo gbọ́ ọ. Èmi gbọ́ ọ torí pé èmi pẹ̀lú ẹ ti jọ mọra lórí ibẹ̀, àmọ́ rikrúútà tí ò mọ̀ ẹ́ rí lè má rí sípíkà yẹn rárá. Níbi tó o ti rẹ́kọ́ọ̀dù ẹ̀ gan-an, wọ́n máa ń bi ẹ́ pé ta lo fẹ́ kó gbọ́ ọ, bó o bá fi í sí àwọn tó o mọ̀ nìkan, àjèjì ò ní gbọ́ nǹkan kan. Yí i sí gbogbo èèyàn.

Èkejì, ìṣẹ́jú àáyá 10 péré ni wọ́n fún ẹ, o sì fi ìkíni jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀, ìgbà tó o máa fi dórúkọ, ó ti gé e sí "Olúwagbé". Jẹnẹrétọ̀ àwọn ará ilé kejì náà ń dún gan-an lẹ́yìn ẹ. Pa á rẹ́, tún un ṣe. Orí fóònù nìkan lo ti lè ṣe é, nínú áàpù wọn, kọ̀ǹpútà ò gbà á: ṣí pírófáìlì ẹ, tẹ pẹ́ńsù tó o fi ń tún orúkọ ṣe, wá ibi tí wọ́n ti ń rẹ́kọ́ọ̀dù orúkọ, di bọ́tìnì ẹ̀ mú, kó o tó sọ̀rọ̀ dákẹ́ díẹ̀, torí bó o bá yára sọ̀rọ̀, `gb` yẹn kì í wọlé, "émilékè" ni wọ́n máa gbọ́. Bó o bá parí, má fọwọ́ kúrò kíákíá, kí "kè" má bàa já. Má kí wọn. "Gbémilékè", dúró díẹ̀, "Gbémilékè", lẹ́yìn náà "Olúwagbémilékè", ó parí. Yàrá tí aṣọ pọ̀ sí ló dáa jù, kó o pa fáànù.

Ìbéèrè: Mo tún un ṣe, mo rọra pè é kó lè yé wọn, àmọ́ òyìnbó kan tí mo ní kó gbọ́ ọ ń sọ pé "Gẹ-bẹ-mi-lẹ-kẹ". Ṣé mi ò rọra tó ni?

Ìdáhùn: O rọra jù níbi tí kò yẹ ni. `g` àti `b` yẹn, ìró kan ṣoṣo ni, ètè máa ń pa dé, ẹ̀yìn ahọ́n náà máa ń lẹ̀ mọ́ òkè nígbà kan náà, méjèèjì á sì jọ ṣí. Bó o bá fà á, ìró kan máa di méjì. Fáwẹ́ẹ̀lì ni kó o fà, "gbéé-mi-léé-kè", má fi nǹkan kan sáàárín `gb`. Òyìnbó ò ní í rí i pè bíi tiwa, bó bá sọ pé "Bémilékè", jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀, ó ti pè ẹ́. Ohun tó yẹ kó o máa wò ni pé ṣé ó pe `lékè` tẹ̀yìn yẹn dáadáa, pẹ̀lú ohùn òkè tó ń já sílẹ̀.

Ìbéèrè: Àwọn kan ò tiẹ̀ dé LinkedIn, síífíì nìkan ni wọ́n ń wò. Ṣé kí n fi àmì ohùn sórí orúkọ mi níbẹ̀?

Ìdáhùn: Rárá o, àwọn tí ò ka Yorùbá ò mọ ohun tí àmì yẹn ń sọ, bó bá sì jẹ́ orúkọ tó ní `ọ̀` tàbí `ẹ́`, àmì ohùn lè yẹ̀ kúrò lórí lẹ́tà tàbí kó di àpótí kékeré lójú kọ̀ǹpútà wọn. Kọ orúkọ gbọọrọ bó ṣe wà nínú páásípọ́ọ̀tù, kó o wá fi ìlà kan sábẹ́ ẹ̀:

```
Gbemileke: gbay-mee-LAY-kay
```

Lẹ́tà ńlá yẹn, ibi tí wọ́n máa tẹ ohùn mọ́ ni. Má fi ìlà yìí sáàyè orúkọ lórí LinkedIn, orúkọ nìkan ni wọ́n fẹ́ níbẹ̀, inú About ni kó o fi í sí, àti ìsàlẹ̀ íméèlì ẹ. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ rí ara yín lórí Zoom, yí orúkọ tó ń hàn lábẹ́ fídíò ẹ sí "Gbemileke" kó o tó wọlé, ojú wọn máa wà lára ẹ̀ bí wọ́n ṣe ń pè ẹ́.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa ní kó o máa jẹ́ Lékè, kò sí `gb` nínú ẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ohun tí wọ́n ń pè ẹ́ nílé nìyẹn, ó dáa bẹ́ẹ̀. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, má ṣe é, wọ́n máa pe Lékè nínú intafíù, o ò ní dáhùn. Olúwa iwájú ni kó o yọ, kó o fi Gbémilékè sílẹ̀ lódindi, kó o sì kọ gbogbo ẹ̀ pátá bó bá di ọjọ́ tó o fẹ́ sáìnì ìwé iṣẹ́.