Bí mo ṣe tún ímeèlì ìfiṣẹ́sílẹ̀ àbúrò mi ṣe láìyí ọ̀rọ̀ ẹ̀ padà

Àbúrò mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì fẹ́ lọ ka másítàs, ó ní kí n bá òun wo ímeèlì tóun fẹ́ fi fiṣẹ́ sílẹ̀, àmọ́ kí n má yí ọ̀rọ̀ òun padà o. Mo kà á sókè, àṣé "living" ló tẹ̀ síbi tí "leaving" yẹ kó wà nínú òyìnbó ẹ̀, ó wá di pé ó ń gbé inú wọ́ọ̀dù dípò pé ó ń fi í sílẹ̀, fóònù ò sì fa ìlà pupa sí i torí ọ̀rọ̀ gidi lèyí náà.

Déètì ló ká mi lára jù: nótíìsì oṣù kan láti 3 Máàṣì, ó wá fi 28 Máàṣì ṣe ọjọ́ ìkẹyìn, ọjọ́ 25 péré! Mi ò dá a tún ṣe, mo bi í, ó ní 3 Épírì ni. Ibi tó ti kọ sí mátírọ̀n pé "ẹ kọ́ mi bí ọmọ yín", mi ò fọwọ́ kàn án.