Ìlà Gbọọrọ àti Àbàwọ́n Dúdú Lójú Tẹlifíṣọ̀n Lẹ́yìn Tí Nǹkan Bá A: Èwo Ló Ṣeé Tún Ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ọmọ mi ju rìmóòtù, ó bá tẹlifíṣọ̀n wa, ínṣì 43 ni. Látìgbà náà, ibì kan dúdú bíi tàdáwà tó dà sílẹ̀, ìlà mẹ́rin sì ta láti ibẹ̀ lọ sókè. Ohùn ń jáde dáadáa. Tí mo bá fọwọ́ pa ojú rẹ̀, mi ò rí ibi tó sán. Ẹnjiníà àdúgbò ní bọ́ọ̀dù ló bàjẹ́, kí n mú owó wá. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì fún un lówó. Bọ́ọ̀dù tó bàjẹ́ kì í ṣe irú àbàwọ́n bẹ́ẹ̀ yẹn.

Gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ló wà lójú tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ, èyíkéyìí nínú wọn kò nípọn tó mìlímítà kan. Ohun olómi kan wà láàárín àwọn méjèèjì, òun ló ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kọjá tàbí kó má kọjá. Ike pẹlẹbẹ kan sì wà lórí wọn níta, ike yẹn ni ọwọ́ yín ń pa. Nígbà tí rìmóòtù bá a, ike náà tẹ̀, ó sì padà sípò, àmọ́ gíláàsì inú kò mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀, ńṣe ló sán. Omi inú rẹ̀ wá ṣí kúrò nípò, ibẹ̀ sì dúdú.

Ẹ pa tẹlifíṣọ̀n náà, ẹ pa iná yàrá, kí ẹ wá tan tọ́ọ̀ṣì fóònù láti ẹ̀gbẹ́, kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ dùbúlẹ̀ sójú rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé gíláàsì ló sán, ẹ ó rí àwọn ìlà wínníwínní tó ta láti ojú kan ṣoṣo bí òwú aláǹtakùn. Ojú ibi tí rìmóòtù bá gan-an nìyẹn.

Àwọn ìlà mẹ́rin yẹn náà ní ìtumọ̀. Lórí gíláàsì yẹn, ìlà bàbà tàbí alumíníọ́ọ̀mù tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju irun lọ ni wọ́n fi ń gbé àwòrán. Tẹlifíṣọ̀n tí àwòrán rẹ̀ pín sí òpó 1920 láti òsì sí ọ̀tún ní àwọ̀ mẹ́ta fún òpó kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ìlà 5760. Ẹ̀gbẹ́ kan, ìsàlẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ni àwòrán ti ń wọlé sínú wọn. Bí gíláàsì bá sán, ó já díẹ̀ nínú wọn, ohun tó wà lókè ibi tó já kò rí nǹkan gbà mọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìlà yín fi bẹ̀rẹ̀ níbi tó dúdú, tí wọ́n sì lọ sókè. Kò sí ẹnjiníà tó lè so wọ́n padà.

Ẹ tún ya fọ́tò rẹ̀ lónìí, kí ẹ ya òmíràn lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Bí dúdú náà bá ń gbilẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí.

Ìbéèrè: Tèmi ò ní àbàwọ́n rárá, ẹ̀gbọ́n. Ọkọ̀ ló gbọ̀n ọ́n nígbà tá a ń kó ẹrù wá sí Abẹ́òkúta. Ìdajì apá ọ̀tún ti di ìlà aláwọ̀ oríṣiríṣi, apá òsì ń ṣiṣẹ́. Bí mo bá gbá a lẹ́yìn, nígbà míì ó máa ń padà bọ̀ sípò.

Ìdáhùn: Oríire lè wà nínú tiyín. Ẹ kọ́kọ́ tẹ rìmóòtù kí mẹ́nù tẹlifíṣọ̀n fúnra rẹ̀ jáde sí apá ọ̀tún. Bí ìlà bá gba orí mẹ́nù náà kọjá, ẹ má dá dẹkódà tàbí wáyà rẹ̀ lẹ́bi mọ́.

Ìdajì géérégé lohun tó dùn mọ́ mi. Bọ́ọ̀dù kékeré kan wà lẹ́yìn tó ń pín àwòrán fún gíláàsì, tí a ń pè ní tíkọ́ọ̀nù. Wáyà pẹlẹbẹ méjì ló sábà máa ń ti ara rẹ̀ jáde, ọ̀kan fún apá òsì, ọ̀kan fún apá ọ̀tún. Bí ọkọ̀ bá gbọ̀n, ọ̀kan lè yẹ̀ díẹ̀ lẹ́nu ibi tó wọ̀. Ẹ yọ tẹlifíṣọ̀n kúrò lára iná pátápátá, kí ẹ dúró tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, torí kàpásítọ̀ ńlá inú rẹ̀ lè ṣì gbé iná tó ju fóltì 300 lọ. Ẹ fi aṣọ nípọn tẹ́ tábìlì, kì í ṣe bẹ́ẹ̀dì tó máa rì, kí ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀. Ẹ tú ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ ṣí ìdè kékeré tó di wáyà náà mú, ẹ fà á gúnrégé, ẹ fi aṣọ mímọ́ àti ògidì ọtí líle tí ilé oògùn ń tà nu ẹnu rẹ̀, kí ẹ tún un kì bọ̀ dọ́gbadọ́gba. Bí ó bá yọrí sí rere, owó iṣẹ́ nìkan ni.

Bó bá jẹ́ pé ibi tó bàjẹ́ kò tó ìdajì, tó rí bí ìdá kan nínú mẹ́fà, ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀. Àwọn ike tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní ọpọlọ lórí ni wọ́n lẹ̀ mọ́ etí gíláàsì; bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá gbé ìlà 960, mẹ́fà ni yóò kárí 5760. Ẹ rọra fi ìka tẹ etí férémù lójú ibẹ̀. Bí àwòrán bá padà, tí ó tún lọ bí ẹ ṣe gbọ́wọ́ kúrò, ibi tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ló ti ṣí. Ẹ̀rọ tó ń fi ooru àti ìtẹ̀ ṣe é ló lè lẹ̀ ẹ́ padà. Èmi náà ti fi rọ́bà ṣe ìtìlẹ́yìn sábẹ́ férémù rí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ṣiṣẹ́, oníbàárà padà wá pẹ̀lú ìlà ìlọ́po méjì, mo sì dá owó rẹ̀ padà.

Ìbéèrè: Ibi tó dúdú lójú tèmi kò dà bíi tàdáwà. Ó dà bí òjìji, àwòrán ṣì ń hàn níbẹ̀ fírífírí. Ẹnì kan ní kí n kúkú pààrọ̀ pánẹ́ẹ̀lì, ìyẹn gíláàsì ojú rẹ̀ lódindi. Ṣé kí n gbà?

Ìdáhùn: Rárá o. Iná ẹ̀yìn, ìyẹn àwọn iná tó ń tàn láti ẹ̀yìn gíláàsì, ló kú níbẹ̀. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i lókùnkùn nígbà tí tẹlifíṣọ̀n ń ṣiṣẹ́: bí ẹ bá rí àwòrán dáadáa nínú òjìji náà, gíláàsì yè. Pípààrọ̀ àwọn iná náà ṣeé ṣe, ó sì sàn kí wọ́n pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ pa pọ̀, torí tuntun àti ògbólógbòó kì í tàn bákan náà. Wàhálà ibẹ̀ ni pé wọ́n gbọ́dọ̀ gbé gíláàsì kúrò kí ọwọ́ wọn tó kan iná. Ẹ bi ẹni tó fẹ́ ṣe é tẹ́lẹ̀ pé ta ni yóò san án bí gíláàsì bá fọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí kò bá lè dáhùn, ẹ gbé e lọ sí ibòmíràn.

Ní ti pánẹ́ẹ̀lì, òun ló ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú owó tẹlifíṣọ̀n. Ká sọ pé tuntun irú tiyín jẹ́ ₦350,000, tí wọ́n sì ní kí ẹ mú ₦200,000 wá fún pánẹ́ẹ̀lì tòkunbọ̀, ₦30,000 fún iṣẹ́, ₦15,000 fún ọkọ̀. ₦245,000 nìyẹn, ìdá 7 nínú 10, ẹnikẹ́ni kì í sì í fún yín ní wárántì tó nílárí lórí tòkunbọ̀. Bó bá ti kọjá ìdajì, èmi kì í gbà, bí tẹlifíṣọ̀n bá sì ti lò ju ọdún márùn-ún, ìdámẹ́ta ni mo máa ń dúró sí. Nọ́ńbà tó wà lára ìwé ẹ̀yìn pánẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ bára mu pátápátá pẹ̀lú. Tẹlifíṣọ̀n méjì tó ní orúkọ kan náà níta lè ní pánẹ́ẹ̀lì ọ̀tọ̀ nínú.

Ẹni tí tirẹ̀ sán bíi ti ìbéèrè àkọ́kọ́, kó má sọ ọ́ sí ààtàn. Bọ́ọ̀dù ńlá rẹ̀, bọ́ọ̀dù iná, sípíkà àti iná ẹ̀yìn yè, ẹni tí bọ́ọ̀dù tirẹ̀ kú tí gíláàsì rẹ̀ yè sì ń wá wọn. Ẹ gbé e lódindi pẹ̀lú rìmóòtù àti ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ra òkú tẹlifíṣọ̀n, kí ẹ tàn án lójú wọn kí wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n tú u kí owó tó bọ́ sí yín lọ́wọ́.