Bí mo ṣe kọ ìkìlọ̀ mẹ́ta fún dírẹ́bà tó ń pẹ́ dé

Ilé búrẹ́dì kan ní Ìbàdàn ni mo ti ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Aago márùn-ún àárọ̀ ló yẹ kí dírẹ́bà wa gbé búrẹ́dì jáde, ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ dé, àwọn tó ń dúró de ọjà sì ń lọ rà níbòmíràn.

Mo kọ́kọ́ pè é sí kọ̀rọ̀. Ó jù mí lọ, nítorí náà mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ dé ní aago márùn-ún kọjá ogójì ìṣẹ́jú lánàá. Kí ló ṣẹlẹ̀?” Ó ní ara ọmọ òun ni kò yá. Mo kọ ọjọ́, ohun tí mo sọ àti èsì rẹ̀ sínú ìwé, ó sì fọwọ́ sí i. Ìkìlọ̀ ẹnu nìyẹn. Mi ò dárúkọ lílé kúrò níṣẹ́ rárá, nítorí kò tíì kàn án.

Nígbà tó tún ṣẹlẹ̀, mo fún un ní kúẹ̀rì. Kúẹ̀rì kì í ṣe ìkìlọ̀, ìbéèrè ni. Ó yẹ ká gbọ́ tẹnu rẹ̀ ká tó dájọ́. Lẹ́yìn èsì rẹ̀ ni mo wá kọ ìkìlọ̀ alákọsílẹ̀:

“Ní 17, 19 àti 24 Oṣù Kẹta, ẹ wọlé lẹ́yìn aago 5:30 dípò 5:00. Ẹ ní ọkọ̀ ló wọ́n. A gba èyí fún ọjọ́ 17, tí ẹ pè wá, ṣùgbọ́n ẹ kò pè ní ọjọ́ méjì tó kù. Láti òní lọ, ẹ máa dé ní 5:00. Ìkìlọ̀ yìí yóò wà nínú fáìlì yín fún oṣù mẹ́fà. Bí ẹ kò bá fara mọ́ ọn, ẹ kọ̀wé sí máníjà láàárín ọjọ́ márùn-ún.”

Ọ̀gá wa fẹ́ kí n fi “ọ̀lẹ ni yín” kún un. Mo bẹ̀ ẹ́ pé ká yọ ọ́. Ìwé géètì lè jẹ́rìí sí aago tó wọlé, kò lè jẹ́rìí sí ìwà ọ̀lẹ. Ó tún fẹ́ gé owó oṣù rẹ̀, mo sì fi Abala 5 nínú Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà hàn án, tó kọ̀ kí agbanisíṣẹ́ yọ owó ìtanràn nínú owó iṣẹ́.

Ìkìlọ̀ ìkẹyìn ló le jù láti kọ. Mo tọ́ka sí ìkìlọ̀ méjì àkọ́kọ́ pẹ̀lú ọjọ́ wọn, mo wá kọ ọ́ pé: “Ìkìlọ̀ ìkẹyìn nìyí. Bí ẹ bá tún pẹ́ dé láìnídìí láàárín oṣù méjìlá, a lè dá yín dúró níṣẹ́ lẹ́yìn tí a bá ti gbọ́ tẹnu yín.” Mi ò kọ “a ó lé yín”, torí ìyẹn fi hàn pé a ti dájọ́ sílẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀.

Sábẹ́ ibi ìbuwọ́lùwé, mo kọ “mo ti gba lẹ́tà yìí”, kì í ṣe “mo gbà pé mo jẹ̀bi”. Ìyẹn ló jẹ́ kó fọwọ́ sí i láìjà. Ká ní ó kọ̀ ni, ẹlẹ́rìí kan ì bá kọ orúkọ ara rẹ̀, ọjọ́ àti aago tí a fún un síbẹ̀.