Ìwé Àkọsílẹ̀ Ẹ̀fọ́rí: Ẹ Kọ Ọjọ́ Tí Orí Kò Fọ́ Yín Náà

Ìwé pélébé yìí wà fún àgbẹ̀, ọlọ́jà àti ará ilé tí orí máa ń fọ́ léraléra, tí wọ́n sì fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá dókítà. Àṣìṣe kan ló ń ba ọ̀pọ̀ àkọsílẹ̀ jẹ́: ọjọ́ tí orí bá fọ́ni nìkan ni wọ́n ń kọ. Irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè tọ́ka sí ohun tó ń fà á. Bí orí bá fọ́ yín lẹ́ẹ̀mẹ́fà lẹ́yìn tí ẹ ti wà nínú oòrùn, ẹ ò tíì lè di ẹ̀bi ru oòrùn, àfi bí ẹ bá mọ iye ọjọ́ tí oòrùn pa yín tí nǹkan kan ò ṣe yín.

Bí ẹ ó ṣe kọ ọ́

Ẹ wá ìwé ẹ̀kísásáìsì kan, kí ẹ so bírò mọ́ ọn. Ìlà kan ni fún ọjọ́ kan, fún ọ̀sẹ̀ 8, ó kéré tán. Alẹ́ ni kí ẹ máa kọ ọ́, kí ẹ tó sùn. Ẹni tó bá ń dúró di ọjọ́ Àìkú kó tó kọ ti ọ̀sẹ̀ kan pa pọ̀, ìtàn ló ń kọ, torí èyí tó dùn ún jù nìkan ni yóò rántí. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kọ lè pe ọmọ iléèwé kan nínú ilé kó máa bá a kọ ọ́.

Lójoojúmọ́, orí ìbáà fọ́ ìbáà má fọ́, ẹ kọ aago tí ẹ sùn, aago tí ẹ jí, aago tí oúnjẹ àkọ́kọ́ dé ẹnu yín, bí ẹ bá ṣiṣẹ́ nínú oòrùn, àti oògùn yòówù tí ẹ lò. Kí obìnrin tó ń rí nǹkan oṣù sàmì sí ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹ̀fọ́rí àwọn mìíràn máa ń dé láàárín ọjọ́ 2 ṣáájú rẹ̀ sí ọjọ́ kẹta rẹ̀.

Bí orí bá fọ́, ẹ fi ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó lọ kún un. Bí kò bá sí aago, ẹ kọ ọ́ báyìí: "lẹ́yìn ìrun Àsùbáà", "kí ilẹ̀ tó ṣú". Ẹ kọ bóyá apá kan orí ni tàbí méjèèjì, bóyá ó ń lù kìkì tàbí ó ń fún orí pọ̀. Ẹ kọ bóyá èébì ń gbé yín, bóyá ìmọ́lẹ̀ tàbí ariwo ń ni yín lára. Fún agbára rẹ̀, nọ́ńbà mẹ́ta tó: 1 ni pé iṣẹ́ ń lọ, 2 ni pé iṣẹ́ ń falẹ̀, 3 ni pé ẹ dùbúlẹ̀. Ẹ má kọ "ó dùn mí gan-an." Kò sí ohun tí dókítà lè fi ìyẹn ṣe.

Bí ó ṣe pẹ́ tó ṣe pàtàkì. Èyí tó ń lù ní apá kan, tó ń mú èébì wá, tó sì lè pẹ́ láti wákàtí 4 títí dé 72 bí a kò bá lo oògùn, ọ̀tọ̀ ni ìtọ́jú rẹ̀ sí èyí tó kàn ń fún gbogbo orí pọ̀ tí kò dá iṣẹ́ dúró.

Bí ẹ ó ṣe kà á

Ká sọ pé obìnrin kan ń ta iṣu ní Àjàṣẹ́-Ìpo, ó sì dá a lójú pé oòrùn ọjà ló ń fọ́ òun lórí. Ó kọ ọjọ́ 28, orí fọ́ ọ ní ọjọ́ 8. Ó jókòó sínú oòrùn ní ọjọ́ 20, orí fọ́ ọ ní 6 nínú wọn. Ó wà lábẹ́ ibòòji ní ọjọ́ 8, orí fọ́ ọ ní 2. Mẹ́fà nínú ogún, méjì nínú mẹ́jọ: ìyàtọ̀ wọn kò tó nǹkan. Ó wá wo aago oúnjẹ. Ọjọ́ 7 ni kò jẹun títí aago 11 fi kọjá, orí sì fọ́ ọ ní 6 nínú wọn. Ní ọjọ́ 21 tó tètè jẹun, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni. Ibẹ̀ ni kó wò. Bó bá jẹ́ ọjọ́ ẹ̀fọ́rí nìkan ló kọ, ì bá rí oòrùn lẹ́ẹ̀mẹ́fà àti ebi lẹ́ẹ̀mẹ́fà, kò sì ní mọ èwo ni èwo.

Ọ̀sẹ̀ 4 tó tẹ̀ lé e, kó máa mu kókó pẹ̀lú àkàrà kí aago 8 tó lù, kó má sì yí nǹkan mìíràn padà. Àwọn kan a yí oúnjẹ, oorun àti oògùn padà lọ́jọ́ kan ṣoṣo, wọn a wá máa bèèrè èyí tó ṣiṣẹ́.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan. Yíyán léraléra, àárẹ̀, tàbí kí nǹkan dídùn kàn máa wuni jẹ, lè dé ṣáájú ẹ̀fọ́rí tó ń lù ní apá kan, nígbà mìíràn ó tó ọjọ́ kan ṣáájú. Ẹni tó jẹ dùńdú lálẹ́ tí orí sì fọ́ lówùúrọ̀ lè dá dùńdú lẹ́bi, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀fọ́rí ti bẹ̀rẹ̀ kí dùńdú tó wù ú jẹ.

Oògùn tí ẹ kì í kọ

Ibi tí àwọn èèyàn ti ń purọ́ jù nìyí. Ẹ kọ orúkọ oògùn, iye wóró, àti nọ́ńbà tó wà lára páálí rẹ̀, irú bíi 500 mg. Èyí tí ẹ rà lọ́wọ́ ọmọ tó ń kiri ní gáréèjì náà wà nínú rẹ̀. Lópin oṣù, ọjọ́ ni kí ẹ kà, kì í ṣe wóró: ẹni tó lo wóró 6 lọ́jọ́ kan, ọjọ́ 1 ni.

Bí parasítámọ́ọ̀lù tàbí ibuprófẹ́ẹ̀nì nìkan bá dé ọjọ́ 15 lóṣù, tó sì ń lọ bẹ́ẹ̀ ju oṣù 3 lọ, oògùn náà fúnra rẹ̀ lè ti máa fa ẹ̀fọ́rí. Fún oògùn àpapọ̀, irú bí èyí tí wọ́n po asipírìn pọ̀ mọ́ kafíìnì, èròjà tó ń lé oorun lọ, ọjọ́ 10 lóṣù ti tó. Ẹ fi í han dókítà kí ẹ tó dá a dúró, nítorí ẹ̀fọ́rí lè kọ́kọ́ le sí i fún ọjọ́ 2 sí 10.

Ẹ kọ obì àti gbànja náà, kafíìnì wà nínú wọn. Ẹni tó ń jẹ gbànja lójoojúmọ́, tó wá gbààwẹ̀, orí lè fọ́ ọ kí ọjọ́ kan tó pé. Kì í ṣe ebi nìkan ló fà á, àìrí kafíìnì náà wà níbẹ̀.

Ìgbà tí a kì í dúró kọ ìwé

Bí orí gbogbo ará ilé bá ń fọ́ nígbà kan náà, tí jẹnẹrétọ̀ tàbí èédú ń jó nítòsí, ẹ gbé gbogbo èèyàn jáde kíákíá, èéfín ni, ó sì ń pani. Bí orí bá ń fọ́ ẹni tó fín oògùn sóko, tí itọ́ àti òógùn ń dà lára rẹ̀, ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀, ẹ fi omi àti ọṣẹ wẹ̀ ẹ́, kí ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn pẹ̀lú ike oògùn náà.

Ẹ lọ lọ́jọ́ náà pẹ̀lú bí ẹ̀fọ́rí bá dé lójijì tó le ju gbogbo èyí tí ẹ ti ní rí, bí ọrùn bá gan tí ara sì gbóná, bí apá tàbí ẹsẹ̀ kan kò bá lágbára mọ́, tàbí lẹ́yìn tí ẹ forí gbá. Aboyún tí oyún rẹ̀ ti kọjá ọ̀sẹ̀ 20, tí orí ń fọ́, tí ojú sì ń ṣe bàìbàì, kò gbọdọ̀ dúró di ọ̀la.

Ohun tí ẹ ó mú dání

Ìbáà jẹ́ Ọ̀fà, Òmù-Àrán tàbí Òkè-Òyì lẹ ń lọ, ẹ má gbé ìwé odindi ká síwájú dókítà. Ẹ kọ nọ́ńbà mẹ́rin sí ojú ewé àkọ́kọ́, fún oṣù kọ̀ọ̀kan: ọjọ́ tí orí fọ́, ọjọ́ tí agbára rẹ̀ dé 3, ọjọ́ tí ẹ lo oògùn, àti bí ó ṣe máa ń pẹ́ tó. Ẹ fi ohun kan tí ẹ fura sí tẹ̀ lé e, pẹ̀lú ìṣirò rẹ̀ bíi ti oníṣu yẹn. Ẹ mú páálí gbogbo oògùn dání, títí kan èyí tí ojú ń tì yín láti fi hàn.