Déètì rẹ̀ tuntun, àmọ́ inú rẹ̀ ti ṣẹ́: bí mo ṣe ra táyà méjì

Táyà iwájú ọkọ̀ mi jẹ tán, mo bá lọ sí ọjà táyà ní Ìbàdàn. 195/65R15 ni mò ń wá. Bàbá tó máa ń bá mi lẹ táyà ní kí n mú tọ́ọ̀ṣì dání. Mo rò pé bàbá ń ṣeré ni, ọ̀sán gangan sì ni.

Èyí tí ọmọkùnrin tó ń ta táyà kọ́kọ́ gbé wá ń dán bíi bàtà ọkọ ìyàwó. “Ẹ̀gbọ́n, tuntun ni o, ọ̀sẹ̀ tó kọjá la já a látinú kọ̀ntéńà.” Mo wá ibi tí wọ́n kọ DOT sí lára rẹ̀, mo rí i, àmọ́ nọ́ńbà mẹ́rin tó máa ń kẹ́yìn rẹ̀, tó ń sọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe táyà, kò sí níbẹ̀. Ìyẹn nìkan ò sọ pé ayédèrú ni, torí ẹ̀gbẹ́ kan ni wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ sí. Mo ní kó yí i padà. Mo rí 4717, ìyẹn ọ̀sẹ̀ kẹtàdínláàádọ́ta ọdún 2017. Ọdún mẹ́rin péré ni SON, àjọ tó ń rí sí ojúlówó ọjà ní Nàìjíríà, fún táyà láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe é. Ọmọkùnrin náà ní kò wọ ọkọ̀ rí. Rọ́bà ò kúkú dúró de ọkọ̀ kó tó gbó.

Ó gbé òmíràn wá, 1124. Ọ̀sẹ̀ kọkànlá, 2024. Inú mi dùn, mo ti ń ki ọwọ́ bọ àpò kí n tó rántí tọ́ọ̀ṣì. Mo tàn án sínú táyà náà. Ìlà kan ṣẹ́ yí inú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ká páálí tó sì tún nà án. Etí rẹ̀ méjèèjì fún mọ́ra. Mo fi ìka tọ etí náà yípo, ó dé ibì kan, ó ká bí ìgbọ̀nwọ́: wáyà inú rẹ̀ ti tẹ̀.

Ńṣe ni wọ́n ki táyà náà bọ inú táyà ńlá. Àwọn tó ń kó o wọlé máa ń ki mẹ́ta, mẹ́rin sínú ara wọn kí kọ̀ntéńà lè gba púpọ̀. Bí wọ́n bá fà á yọ, okùn inú rẹ̀ lè ti já, ibẹ̀ ni táyà sì ti máa ń wú kókó tó bá ń sáré lójú ọ̀nà gbígbóná. Déètì ò lè fi èyí hàn yín láéláé.

Ọmọ náà ní, “Ẹ jẹ́ ká fún un ní afẹ́fẹ́, á ṣí.” Òótọ́ ni, á ṣí. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi jẹ́ kó fún un: tó bá ti gun rìímù, ta ló tún máa rí inú rẹ̀?

Ìsọ̀ kẹta ni mo ti rí méjì tí ẹnu wọn là dáadáa, tí inú wọn sì ń jọ̀lọ̀. Owó wọn ga sí i. Nígbà tí mo gbé wọn dé ọ̀dọ̀ bàbá, kò bi mí léèrè ọdún wọn rárá, ìka ló kọ́kọ́ fi tọ etí wọn.