Omi ń fọ́n níbi tí họ́ọ̀sì ti so mọ́ ẹ̀rọ omi: téèpù ni àbí wáṣà?

Ìbéèrè, láti Adó-Èkìtì: Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Ẹ̀rọ omi ẹ̀yìnkùlé ni mo fi ń bomi rin ẹ̀fọ́. Tí mo bá ti so họ́ọ̀sì mọ́ ọn, omi á máa fọ́n sí mi lójú níbi tí wọ́n ti pàdé. Mo ti we téèpù funfun mọ́ ọn lẹ́ẹ̀mẹta, ṣe ló ń burú sí i. Kí ni mo ṣì ṣe?

Ìdáhùn: Téèpù yẹn gan-an ló ń dá yín lóró. Ẹ tú u dànù, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó gbo ìyókù rẹ̀ kúrò lójú tírẹ́ẹ̀dì, ìyẹn àwọn ìlà tó yí ẹnu ẹ̀rọ po.

Ẹ wá wo inú nọ́ọ̀tù tí ẹ fi ń yí họ́ọ̀sì mọ́ ẹnu ẹ̀rọ. Nísàlẹ̀ rẹ̀ lọ́hùn-ún, ó yẹ kí rọ́bà pẹlẹbẹ kan tó ní ihò láàrin jókòó síbẹ̀. Òun ni wáṣà. Ẹnu ẹ̀rọ ló máa ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ibi tí àwọn méjèèjì ti fẹnu kanra yẹn ni omi ti ń dúró. Tírẹ́ẹ̀dì kì í sé omi níbẹ̀ rárá, iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kó fa nọ́ọ̀tù wọlé. Nígbà tí ẹ wá we téèpù lé téèpù, àyè tán nínú nọ́ọ̀tù, ó le lọ́wọ́ yín, ẹ rò pé ó ti dè, bẹ́ẹ̀ ẹnu ẹ̀rọ ò tíì kan wáṣà. Omi bá gba ẹ̀gbẹ́ jáde.

Bí ẹ bá fẹ́ rí i fúnra yín, ẹ nu gbogbo rẹ̀ gbẹ, ẹ ṣí omi, kí ẹ jẹ́ kí ìdí họ́ọ̀sì kejì máa ṣàn fàlàlà. Ó lè má jò ju ìsun díẹ̀ lọ. Ẹ wá fi àtàńpàkò dí ìdí họ́ọ̀sì náà. Lójú ẹsẹ̀ ni yóò fọ́n, torí omi tí kò rọ́nà lọ níwájú á padà wá tẹ oríkèé yẹn. Tó bá jẹ́ pé abẹ́ nọ́ọ̀tù ló ti fọ́n, wáṣà ni. Tó bá jẹ́ pé abẹ́ ọwọ́ tí ẹ fi ń ṣí ẹ̀rọ ló ti ń yọ, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn, wáṣà họ́ọ̀sì ò lè wò ó sàn.

Bí ẹ bá lọ ra wáṣà ní Ọjà Ọba, ẹ mú nọ́ọ̀tù yín dání, kí ẹ má kàn dárúkọ rẹ̀ lẹ́nu. Nọ́ọ̀tù ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin íǹṣì máa ń gba wáṣà tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ bíi mìlímítà 24, èyí tó nípọn tó mìlímítà 3 ló dáa jù. Ó gbọ́dọ̀ tẹ́ sílẹ̀ pẹrẹsẹ, kó má ká létí, kó má sì máa yẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Rọ́bà dúdú tó rọ̀ ni kí ẹ mú. Ẹ fi èékánná tẹ̀ ẹ́: bí ojú ibẹ̀ bá jìn díẹ̀ tó sì padà bọ̀ sípò, ẹ gbé e. Bó bá le bí ìkarawun, ẹ fi í sílẹ̀. Wáṣà ọ̀rá líle tí wọ́n máa ń kó mọ́ ọn ò wúlò fún họ́ọ̀sì tí a ń fọwọ́ lásán dè, ó ń fẹ́ agbára sípánà kó tó sé omi, sípánà á sì fọ́ nọ́ọ̀tù oníke yín. Àwọn kan máa ń gé e lára sílípáàsì. Á sé omi lọ́jọ́ kìn-ín-ní, ṣùgbọ́n fóòmù ni, bó bá ti tẹ̀ tán kì í dìde mọ́. Túùbù táyà sàn jù ú lọ. Èmi náà ti gé e rí nígbà tí ilé ìtajà ti pa, mo sì tún padà wá pààrọ̀ rẹ̀.

Kí ẹ tó yí i padà, ẹ fi ìka yí ẹnu ẹ̀rọ po. Bí ibi kan bá gún yín tàbí tó sán, ẹ lẹ sánpépà mọ́ àfọ́kù táìlì, kí ẹ fi rọra ra á títí yóò fi tẹ́jú. Lẹ́yìn náà, ẹ fọwọ́ dè é, kí ẹ fi ìlàjì ìyípo kan kún un, ó tó.

Ìbéèrè, ẹni kan náà: Ẹ ṣeun, sà. Ibẹ̀ ti gbẹ. Àmọ́ mo wá rí i pé ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ń sun omi níbi tó ti wọ páìpù ara ògiri. Ṣé wáṣà náà ni?

Ìdáhùn: Rárá o, ibí gan-an ni ilé téèpù. Kò sí wáṣà láàrin wọn níbẹ̀, tírẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú tírẹ́ẹ̀dì ló kojú ara wọn, àlàfo àárín wọn ni téèpù ń dí.

Ẹ ti omi láti orí tánkì, kí ẹ yọ ẹ̀rọ, kí ẹ nù ún mọ́. Ẹ dojú tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kọ ara yín, kí ẹ máa we téèpù bí ọwọ́ aago ṣe ń yí. Bí ẹ bá wé e lódì, bí ẹ ṣe ń dè é ni yóò máa tú, ẹ ó rí i tó ń kójọ sẹ́nu páìpù bí òwú. Ẹ fi tírẹ́ẹ̀dì àkọ́kọ́ sílẹ̀ lásán, kí ẹ fà á le kó lè wọ inú ìlà. Fún ẹ̀rọ ìdajì íǹṣì, bí ìyípo mẹ́fà téèpù funfun tín-ín-rín ti tó. Ẹ fọwọ́ yí i títí yóò fi le, kí ẹ fi sípánà fi ìyípo kan tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ kún un, kí ẹ̀rọ dojú kọlẹ̀.

Bó bá wá kọjá ibi tí ẹ fẹ́, ẹ má dá a padà sẹ́yìn. Téèpù tó ti tẹ̀, tí ẹ bá dá a padà díẹ̀ báyìí, á jò. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ wé tuntun. Ẹ sì ṣọ́ra, bí ẹ́bò, ìyẹn igun páìpù tí ẹ̀rọ wọ̀ lára ògiri yín, bá jẹ́ oníke lásán tí kò ní irin nínú. Téèpù púpọ̀ àti sípánà gígùn ló máa ń là á, tó bá sì ti là, ògiri lẹ ó fọ́.

Ìbéèrè, láti Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì: Ẹ jọ̀ọ́ sà, wáṣà tèmi tuntun ni, kò sí téèpù lára rẹ̀, síbẹ̀ ó ń fọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi ló fi họ́ọ̀sì náà ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà.

Ìdáhùn: Ìyípo mélòó ló ń gbà kó tó há? Bí kò bá ju ẹyọ kan tàbí méjì lọ, ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Tírẹ́ẹ̀dì họ́ọ̀sì Amẹ́ríkà jẹ́ ìlà 11.5 nínú íǹṣì kan, ti ẹ̀rọ omi tí a ń lò níbí jẹ́ 14. Fífẹ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ìdí nìyẹn tó fi ń kọ́kọ́ gbà, tó sì ń jọ pé ó wọlé. Ẹ má fi agbára dè é, irin ẹnu rẹ̀ á jẹ tírẹ́ẹ̀dì ẹ̀rọ yín run.

Ẹ gé orí rẹ̀ dànù. Ẹ ra orí họ́ọ̀sì tó bá ẹ̀rọ yín mu, èyí tó ní ìrù gígùn tó ṣe gẹ̀gẹ̀lẹ̀, pẹ̀lú kílíìpù onírin kan. Ẹ ti ìdí họ́ọ̀sì bọ omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú kan kó rọ̀, ẹ tì í wọ ìrù náà dé ìdí, kí ẹ fi kílíìpù dè é lẹ́yìn gẹ̀gẹ̀lẹ̀ àkọ́kọ́. Kí ẹ rántí ti kílíìpù bọ ara họ́ọ̀sì kí ẹ tó tì í wọlé o. Èmi náà ṣì máa ń gbàgbé.