Káróòtì, tàtàṣé àti àlùbọ́sà inú ófúnù: kí ló dé tí wọ́n fi ń rọ̀ bí ohun tí a sè, tí wọn ò pọ́n?

Ìbéèrè: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ófúnù gáàsì ni mò ń lò n'Ìbàdàn níbí. Mo gé káróòtì ńlá mẹ́rin, tàtàṣé mẹ́ta àti àlùbọ́sà méjì sórí tírè kan. Mo po iyọ̀ àti òróró mọ́ wọn, mo sì fi wọ́n sílẹ̀ fún bí ìdajì wákàtí kí iyọ̀ wọ̀ wọ́n lára. Lẹ́yìn 40 ìṣẹ́jú nínú ófúnù, omi ló kún tírè. Tàtàṣé ti rọ̀ jẹ̀bẹ̀tẹ̀, káróòtì ṣì le, kò sì sí èyí tó pọ́n nínú wọn.

Ìdáhùn: Sísè lo sè wọ́n, o ò tíì yan wọ́n. O mọ bí a ṣe máa ń se ata lílọ̀ kí omi rẹ̀ gbẹ ká tó da òróró sí i? Bí omi yẹn ò bá tíì gbẹ, òróró yòówù kó pọ̀ tó, ata á kàn máa hó ni, kò ní dín. Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ lórí tírè rẹ. Nínú 100 gíráàmù tàtàṣé, ó lé ní 90 tó jẹ́ omi, káróòtì àti àlùbọ́sà náà ò sì jìnnà sí i. Níwọ̀n ìgbà tí omi bá ṣì wà lára wọn, ara wọn ò lè gbóná ju 100°C lọ, bí iná ófúnù ti wù kó le tó. Ṣúgà tó wà nínú wọn sì gbọ́dọ̀ gbóná kọjá 140°C dáadáa kó tó lè máa pọ́n kó sì máa ta sánsán.

Nǹkan méjì ló sọ omi di púpọ̀ fún ọ. Àkọ́kọ́ ni iyọ̀. Iyọ̀ máa ń fa omi jáde lára àlùbọ́sà àti tàtàṣé, ìdajì wákàtí tí o fi wọ́n sílẹ̀ yẹn ló sì jẹ́ kí omi ti sun sílẹ̀ kí wọ́n tó rí iná rárá. Ìgbà tí o bá fẹ́ gbé tírè wọlé gan-an ni kí o wọ́n iyọ̀ sí i. Èkejì, èyí tó sì burú jù, ni pé o kó wọn lé ara wọn lórí. Oru omi tó ń jáde lára èyí tó wà nísàlẹ̀ ò rí ọ̀nà lọ, ara èyí tó wà lókè ló ń fẹ́ sí, bíi pé o dé ìkòkò lé wọn. Ẹni tó bá ti kó dòdò kún agbada rí mọ ohun tí mò ń sọ.

Bí èmi á ṣe ṣe ìwọ̀n tìrẹ yẹn nìyí. Tírè méjì ni màá lò. Màá tan iná ófúnù sílẹ̀ fún 20 ìṣẹ́jú pẹ̀lú tírè káróòtì lófìfo nínú rẹ̀, kí káróòtì lè ta ṣáá bó bá ṣe kan irin. 220°C ni mo fẹ́. Màá fọ káróòtì, màá fi aṣọ nù ún kó gbẹ (èyí ṣe pàtàkì ju òróró lọ), màá sì gé e ní gígùn ìka kan, kó nípọn bíi sẹ̀ǹtímítà méjì. Ṣíbí ìjẹun òróró kan tó fún un. Bó bá ti dé orí tírè, kí àyè wà láàárín wọn, kí ojú tí a gé dojú kọ irin.

Káróòtì nìkan ló máa kọ́kọ́ wọlé, torí òun ló le jù. Lẹ́yìn 15 ìṣẹ́jú, màá yí i, màá wá gbé tírè kejì wọlé: àlùbọ́sà tí mo gé sí mẹ́jọ mẹ́jọ láti orí dé ìdí, kí ìdí rẹ̀ ṣì di àwọn ewé rẹ̀ mú, àti tàtàṣé tí mo yọ kóró rẹ̀ kúrò, tí mo gé ní fífẹ̀ bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta, awọ lókè. Ó ku 25 ìṣẹ́jú. Ní àárín rẹ̀, màá pààrọ̀ àyè àwọn tírè náà, nítorí ìsàlẹ̀ ni iná ófúnù gáàsì wa ti ń jó jù. Gáàsì fúnra rẹ̀ sì máa ń tú oru omi jáde bó ṣe ń jó, nítorí náà, nígbà tí o bá ń yí wọn, jẹ́ kí oru náà jáde ná kí o tó tilẹ̀kùn padà.

Bí etí àlùbọ́sà bá ti dàbí àwọ̀ oyin dúdú, tí awọ tàtàṣé wú tó sì ní àmì dúdú níbì kan sí ibì kan, tí ọ̀bẹ wọ káróòtì láìjà, ó ti dé. Ojú ni kí o gbà gbọ́ ju aago lọ.

Ìbéèrè: Ófúnù mi ò ní nọ́ńbà lára, kékeré àti ńlá nìkan ló wà níbẹ̀. Báwo ni mo ṣe máa mọ 220°C?

Ìdáhùn: Ra témómítà ófúnù bó o bá rí i. Bí kò bá sí, da ṣíbí ṣúgà funfun kan sórí fọ́ìlì, gbé e sí àárín ófúnù tó ti gbóná fún 20 ìṣẹ́jú. Ní nǹkan bí 186°C ni ṣúgà funfun ń yọ́. Bó bá yọ́ láàárín 15 ìṣẹ́jú, o ti kọjá ibẹ̀, iná rẹ tó fún iṣẹ́ yìí. Bó bá ṣì jẹ́ hóró gbẹrẹfu, ibi tó ga jù ni kí o yí i sí, kó o sì jẹ́ kí ó pẹ́ díẹ̀ sí i.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, tèmi yàtọ̀. Lọ́ńdọ̀nù ni mo wà, ófúnù oníná mànàmáná tó ní fáànù ni mò ń lò, 220°C náà ni mo fi sí, mo sì da oyin lé wọn látìbẹ̀rẹ̀. Àlùbọ́sà jó dúdú, ó korò, káróòtì ò jinná.

Ìdáhùn: Fáànù ń fẹ́ ooru lé wọn lórí, nítorí náà 220°C tìrẹ yẹn le ju tiwa lọ bíi 20. Fi sí 200°C. Oyin sì ni ọ̀tá àlùbọ́sà rẹ: ṣúgà inú rẹ̀ yára jó ju ti ẹ̀fọ́ lọ. Ìgbà tó bá ku bí ìṣẹ́jú márùn-ún ni kí o fi ra wọ́n, káróòtì nìkan pàápàá ti tó, àlùbọ́sà ní adùn tirẹ̀. Bí o bá sì gé àlùbọ́sà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bíi ti ẹyin díndín, ewé ọ̀kọ̀ọ̀kan á tú, á sì gbẹ jó kí káróòtì tó mọ̀ pé òun wà nínú ófúnù.

Ìbéèrè: Wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ tírè, tí mo bá fẹ́ yí wọn, wọ́n á já.

Ìdáhùn: O yára yí wọn ni. Èyí tí ojú rẹ̀ bá ti pọ́n á gbà kúrò fúnra rẹ̀. Bó bá kọ̀, fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́ta sí i. Èyí tó bá ṣẹ́kù mọ́ irin, tó bá jẹ́ pé ó pupa ni, tí kò dúdú, má fọ̀ ọ́ dànù: da ṣíbí omi gbígbóná mélòó kan sí i nígbà tí tírè ṣì gbóná, fi ṣíbí igi ha á, kí o sì dà á sínú ọbẹ̀ ata rẹ.